Bẹ́ ẹ ṣe máa kọ orin ìdágbére fún kíláàsì tó ń jáde, kí orin náà má sọ ohun tẹ́ ò sọ

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin òbí, àti ẹ̀yin ọmọ kíláàsì tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ lọ wá orin tẹ́ ẹ máa kọ lọ́jọ́ sẹndọ́ọ̀fù. Ẹ̀pẹ́ níbí ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ lórin, gbogbo ìgbà tí táàmù kẹta bá sì ti ń lọ sópin ni wọ́n máa ń wá bá mi pé "Tíṣà, a ti rí orin kan, ẹ ṣá bá wa yí ọ̀rọ̀ inú ẹ̀ padà." Orin ẹlòmíì ni wọ́n máa ń gbé wá, orin òyìnbó tàbí orin tó ń lọ lórí rédíò, wọ́n á ní kí n fi ọ̀rọ̀ tiwa sí i. N ò kì í gbà mọ́. Ẹ jẹ́ n sọ ìdí ẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún kan, níléèwé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, èmi náà gbà á. Ohùn orin tí wọ́n gbé wá dùn gan-an, mo wá kọ ọ̀rọ̀ sí i pé "Ọkọ̀ ti dé, a ti ń lọ", torí ojú ọ̀sà la wà, àwọn ọmọ míì ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ wá síléèwé láràárọ̀, mo rò pé ọ̀rọ̀ yẹn á wọ gbogbo èèyàn lára. Àmọ́ ohùn orin yẹn dúró sójú kan níbi tó yẹ kó ti wálẹ̀, "ọkọ̀" wá di "ọkọ". Odidi kíláàsì, àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́ iwájú, ń kọrin tẹ̀dùntẹ̀dùn pé ọkọ ti dé. Ìyá kan fa ohùn látìsàlẹ̀ pé "Àmín o, lórúkọ Jésù!", gbọ̀ngán sì tú ká fún ẹ̀rín. Ọmọ tó ń lé orin, tó ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọ́ ọ, bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lórí pèpéle, ẹkún yẹn kì í ṣe ti ìdágbére rárá. Ó dùn mí títí di òní, torí ọmọ yẹn ò ṣẹ̀, èmi tí mo kọ ọ̀rọ̀ sórí ohùn tí kò gbà á ni mo ṣẹ̀.

Kì í ṣe èmi nìkan ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí o. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ń tú orin ìsìn sí Yorùbá, ohùn òyìnbó ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, ọ̀rọ̀ sì ń dàrú lẹ́nu àwọn ìjọ. Àwọn bíi T.K.E. Phillips tó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina l'Ékòó ló jókòó tì í pé kí ohùn orin máa tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Ohun tí àwa náà máa ṣe nìyẹn, kékeré ẹ̀: ọ̀rọ̀ ló máa ṣáájú, ohùn á wá jáde látinú ẹ̀.

Ẹ fún ara yín lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Ọ̀sẹ̀ kan fún ọ̀rọ̀, ọ̀kan fún ohùn, méjì fún ìdánrawò. Orin kan ṣoṣo ni mo máa fi ṣàlàyé látòkè délẹ̀, ọ̀kan tí èmi àtàwọn ọmọ kíláàsì kan jọ kọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kó irọ́ jọ

Bẹ́ẹ̀ ni, irọ́. Tẹ́ ẹ bá bi àwọn ọmọ pé kí ni wọ́n máa rántí nípa iléèwé, gbogbo wọn á ní "ìfẹ́ àti ìṣọ̀kan", ẹnikẹ́ni ò sì lè fi ìyẹn kọrin tó máa pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ẹ bi wọ́n báyìí: irọ́ wo lẹ pa fún tíṣà tí gbogbo kíláàsì mọ̀ pé irọ́ ni? Ẹ fún wọn ní bébà, kí wọ́n má kọ orúkọ sí i. Lọ́jọ́ tí mo bi wọ́n, wọ́n ò tíì kọ ọ́ tán tí ẹ̀rín ti gba kíláàsì.

Ọ̀kan kọ ọ́ pé nígbà tóun bá pẹ́ dé, òun máa ń sọ pé kùrukùru bo ojú ọ̀sà, ọkọ̀ ò lè gbéra. Ibi táwọn yòókù ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo nìyẹn, torí ọmọ tí ilé ẹ̀ wà lẹ́yìn ọjà Olúwo, tó ń fẹsẹ̀ rìn wá, òun náà máa ń lo kùrukùru yẹn! Òmíì ní ewúrẹ́ jẹ ìwé iṣẹ́ àmúrelé òun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ewúrẹ́ yẹn farahàn nínú àwọn bébà náà. Àwọn méjì tí mo mú nìyẹn.

Bí mo ṣe ń yan èyí tí màá mú rèé: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí gbogbo kíláàsì ti ṣe tàbí tí wọ́n ti fojú rí, àwọn òbí gbọ́dọ̀ lè gbọ́ ọ láìsí pé ẹnì kan ń ṣàlàyé, tí mo bá sì ka ọ̀kan sókè tí ọmọ kan dorí kodò, mo ya bébà yẹn dànù lójú gbogbo wọn. Bí ẹnu tíṣà kan ṣe ń kólòlò, ara ẹni tó sanra, ọmọ tó tún kíláàsì ṣe, ẹ má mú un rárá. Ẹ̀rín yẹn ò pé ìṣẹ́jú kan, àmọ́ orin ìdágbére lèèyàn máa ń gbé lọ sílé. Ẹ má sì dárúkọ ọmọ kankan, tẹ́ ẹ bá dárúkọ mẹ́wàá, àwọn ọgbọ̀n tó kù á máa ka ara wọn mọ́ ẹni tí wọ́n gbàgbé.

Ìgbésẹ̀ kejì: ègbè lẹ máa kọ́kọ́ kọ

Ègbè ni gbogbo èèyàn máa bá yín gbé, torí náà kó kúrú, ìlà mẹ́rin péré, kí ìlà kankan má kọjá ohun téèyàn lè kọ lẹ́ẹ̀mí kan. Ohun tá a fẹ́ sọ nínú tiwa ò ju ẹyọ kan lọ: Yorùbá kì í sọ pé ó parí tá a bá ń lọ, "ó dàbọ̀" la máa ń sọ, ẹni tó bá sì sọ bẹ́ẹ̀ ti ṣèlérí pé òun ń padà bọ̀. Ègbè náà rèé:

Ó dàbọ̀ o, ilé ẹ̀kọ́ wa,
Ó dàbọ̀ o, ẹ̀yin olùkọ́,
A ò sọ pé ó parí o,
Àbọ̀ ni, àbọ̀ la wí.

Ẹ wò ó, kò sí "ọjọ́ ọ̀la rere" níbẹ̀, kò sí "ẹ ṣeun fún iṣẹ́ takuntakun". Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, ọ̀gá iléèwé máa sọ wọ́n dáadáa nínú spíìsì, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ fa ohùn jáde látinú ọ̀rọ̀

Ibí ni iṣẹ́ wà, ẹ má sáré kọjá. Gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Yorùbá ní ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀, ìyẹn dò re mí tí wọ́n kọ́ wa níléèwé. Àmọ́ ẹ má rò pé orin yín ò gbọ́dọ̀ ní ju ohùn mẹ́ta lọ. Ohun tó ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ ni ìrìn láti sílébù kan sí èkejì: tí ọ̀rọ̀ bá gòkè, kí orin gòkè, tó bá wálẹ̀, kí orin wálẹ̀. Bó ṣe gòkè tó, ẹ̀yin lẹ máa yan ìyẹn, ibẹ̀ sì ni adùn ti máa wá.

Ẹ ka ìlà kìíní síta lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń bá èèyàn sọ̀rọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ pa ẹnu dé kẹ́ ẹ kùn ún nímú, "hùn-hùn-hún", kẹ́ ẹ máa fi fóònù gbà á sílẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ gbọ́ yẹn ni egungun orin yín, ẹran lẹ máa fi sí i báyìí. Mo máa ń dúró lórí ohùn márùn-ún, dò, re, mí, sọ, lá, mo máa ń fi fá àti tí sílẹ̀, torí márùn-ún yìí ló bá etí wa mu jù, ọmọ tí kò kọ́ orin rí pàápàá kì í ṣìnà nínú ẹ̀.

"Ó dàbọ̀ o": ó wà lókè, dà àti bọ̀ nísàlẹ̀, o láàárín. Mo fún un ní sọ, dò, dò, re. Ìjábọ̀ láti sọ sí dò yẹn jìn, òun ló dà bí ìgbà téèyàn ń mí kanlẹ̀, n ò sì wá a lọ síbì kan, inú ọ̀rọ̀ ló wà. "Ilé ẹ̀kọ́ wa": mí, sọ, re, mí, re. Ẹ ṣọ́ra níbí o, torí tẹ́ ẹ bá fi wa tó gbẹ̀yìn sórí mí dípò re, etí máa gbọ́ "ilé ẹ̀kọ wa", àfi bí ilé tí wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀. Kì í ṣe kọ́ fúnra ẹ̀ ló ń sọ pé òun wà lókè, wa tó wálẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ló ń jẹ́rìí sí i. Ìgbà tí mo mọ èyí ni orin kíkọ yé mi.

Ìlà kejì bẹ̀rẹ̀ bákan náà, "ẹ̀yin olùkọ́" sì jẹ́ dò, re, re, dò, mí. Ìlà kẹta ni mo gbé sókè, kí àwọn ọmọ lè tú ohùn sílẹ̀: "A ò sọ pé" ni re, dò, re, sọ, "ó parí o" ni sọ, mí, sọ, mí. Ìlà tó kẹ́yìn sọ̀ kalẹ̀: "Àbọ̀ ni" jẹ́ dò, dò, re, "àbọ̀" kejì lọ sí sọ ti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, "la" sí lá ti ìsàlẹ̀, "wí" wá bọ́ sórí dò, ó jókòó. Tí inú àwọn ọmọ bá ń dùn jù, wọ́n máa ń gbé àbọ̀ yẹn sókè níparí, ó wá ń di "abọ́ ni, abọ́ la wí", lọ́jọ́ tí ìrẹsì ti ń ta sánsán lẹ́yìn gbọ̀ngán, kò sẹ́ni tí kò ní rò pé oúnjẹ ni wọ́n ń bèèrè.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ohùn yín ò tíì ba ọ̀rọ̀ jẹ́? Ẹ wá onígángan kan, kó lu ìlà kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe kọ ọ́ lórin, láìsí ọ̀rọ̀ kankan. Tí kò bá sí onígángan, ẹ kọ ọ́ ní "là-là-lá" fún ẹni tí kò sí níbi tẹ́ ẹ ti kọ ọ́, ìyá ẹlẹ́ja tó ń kọjá, ẹnikẹ́ni. Ẹ fún un ní ọ̀rọ̀ méjì kó mú ọ̀kan, ilé ẹ̀kọ́ ni àbí ilé ẹ̀kọ? Tó bá mú èyí tí ẹ ò ní lọ́kàn, ẹ má bá a jiyàn, ẹ tún ibẹ̀ ṣe. Ẹ má lo ara yín fún ìdánwò yìí, ẹni tó ti mọ ọ̀rọ̀ ò lè gbọ́ àṣìṣe ẹ̀ mọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lílé àti ìdáhùn, ibi tí ẹ̀rín ti máa di omijé

Àwọn irọ́ tá a kó jọ ló bọ́ síbí. Ẹnì kan á lé, kíláàsì á tú àṣírí:

Lílé: A pẹ́ dé, a ní kùrukùru bo ọ̀sà
Ègbè: Irọ́ ni o, oorun ni!

Lílé: Ìwé ò sí, a ní ewúrẹ́ jẹ ẹ́
Ègbè: Irọ́ ni o, eré ni!

Lílé: Lónìí ńkọ́, a ní a ò ní sunkún
Ègbè: Irọ́ ni o, ẹkún ni!

Ẹ rí i pé ìdáhùn ìkẹta bẹ̀rẹ̀ bíi ti méjì àkọ́kọ́. Ìdáhùn kan náà tí gbọ̀ngán ti fi rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á ti mọ̀ ọ́n, wọ́n á ti la ẹnu láti tún rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa dé bá wọn. Ẹ má ṣe fi ti ẹkún ṣáájú, bẹ́ẹ̀ sì ni kẹ́ ẹ má ṣe fi ewúrẹ́ parí, mo ti dán méjèèjì wò, tẹ́ ẹ bá fi àwàdà parí, àwọn èèyàn á pàtẹ́wọ́, wọ́n á yíjú sí àpótí kúlà, ó tán. Àwàdà méjì tó o, kẹ́ ẹ má fi ìkẹta kún un, ẹlẹ́ẹ̀kẹta àwàdà ni gbọ̀ngán máa ń ti mọ ohun tó ń bọ̀.

Ohùn ìdáhùn yìí, re àti mí nìkan ni. "Irọ́ ni o" jẹ́ re, mí, re, re. "Oorun ni" jẹ́ re lẹ́ẹ̀mẹrin, kó dúró gbọnin sójú kan, torí tó bá fi díẹ̀ wálẹ̀ báyìí ó ti di "oòrùn ni", tí kùrukùru àti oòrùn á wá máa jà lójú ọ̀sà. Àmọ́ eré àti ẹkún ní láti gòkè, re, mí, re. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí wọ́n kọ ẹkún bí wọ́n ṣe kọ oorun, adùn ẹ̀ lọ, tó bá sì lọ wálẹ̀, ẹkùn lẹ mú wọ gbọ̀ngán. Àwọn ọmọ máa fẹ́ fi ohùn kan náà kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta torí ìdáhùn jọra. Ẹ má gbà fún wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́ ti ìkẹta lọ́tọ̀, lọ́jọ́ mìíràn.

Ohùn lílé, ẹ fà á jáde bẹ́ ẹ ṣe fa ti ègbè, ẹni tó máa lé e ni kó kà á, kẹ́ ẹ fi fóònù gbà á sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ibi tí ohùn máa wà

Àwọn ọmọ tó ń jáde ní sẹ́kọ́ńdìrì, ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ohùn wọn ti já, ti àwọn míì ò tíì mọ ibi tó ń lọ. Ẹ fi dò sórí F. Tẹ́ ẹ bá ní kíbọ́ọ̀dù, tàbí èyí tó wà lórí fóònù, F ni funfun tó wà lápá òsì níbi tí àwọn dúdú mẹ́ta ti wà pọ̀. Láti sọ ìsàlẹ̀ dé sọ òkè ni orin yìí mọ, lórí F àwọn ọmọbìnrin máa bá a láìfagbára, àwọn ọmọkùnrin tí ohùn wọn ti já á kọ ọ́ lábẹ́ wọn. Èyí tí ohùn ẹ̀ ṣì ń fò sókè sódò, ẹ má ní kó dákẹ́ jọ̀ọ́, ojú máa tì í, ẹ fún un ní "Irọ́ ni o" láti máa gbè, ohùn méjì péré ló ń lò.

Tí wọ́n bá ń na ọrùn sókè níbi "ó parí o", ó ti ga jù. Tí "àbọ̀ la wí" bá ń di ẹ̀mí lásán tí ẹ ò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, ó ti lọ sílẹ̀ jù, ẹ sún un sí G.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìdánrawò àti ọjọ́ gan-an

Gbogbo ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ègbè kan máa ń gba bí ogún ìṣẹ́jú àáyá, ẹ máa kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì níbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn kùrukùru, ẹ̀ẹ̀kan lẹ́yìn ewúrẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì níparí. Lílé kọ̀ọ̀kan, ẹ lé e lẹ́ẹ̀mejì, torí ẹ̀rín ìgbà àkọ́kọ́ máa bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ á gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìlù: agogo kan, gángan kan, ó tán. Gángan yẹn náà ohùn ọ̀rọ̀ ló ní, tó bá ń lu nǹkan mìíràn lábẹ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ, bí ẹni méjì tó ń sọ̀rọ̀ pọ̀ ni, torí náà kó máa gbè nìkan, kó sì dákẹ́ tí wọ́n bá ń lé. Tó bá kan "Lónìí ńkọ́", kí ìlù dákẹ́ pátápátá, agogo náà. Ẹ fi ìdákẹ́ yẹn dánra wò dáadáa, torí ẹ̀rù máa ń ba onílù tó bá dákẹ́ lójú èrò, á fẹ́ fi ọwọ́ kan awọ díẹ̀.

Ẹni méjì ni kẹ́ ẹ kọ́ ní lílé, kì í ṣe ẹnì kan. Mo ti rí i ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọmọ tí ohùn ẹ̀ dùn jù ni ẹkún máa ń kọ́kọ́ gbé. Kí ẹnì kejì dúró ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ gan-an, kí máìkì kan wà láàárín àwọn méjèèjì, kí wọ́n sì ti fẹnu kò pé tí ẹni kìíní bá fọwọ́ kan èjìká òun, òun ló kàn. Lọ́dún tá a kọ orin yìí, ọmọ yẹn dé "a ní a ò ní", ẹnu ẹ̀ kọ̀, ó nawọ́, ẹnì kejì sì gbé "sunkún" lẹ́nu ẹ̀ bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá ẹ̀. Gbọ̀ngán rò pé bá a ṣe kọ́ ọ nìyẹn.

Ẹ bá ẹni tó ń darí ètò sọ̀rọ̀ ṣáájú pé kó má gba máìkì tí ègbè bá ti ń lọ sópin. Níbi ègbè tó kẹ́yìn, kí kíláàsì máa rìn jáde gba àárín èrò, láìsí máìkì, kí wọ́n ṣì máa kọ ọ́ nígbà tí wọ́n bá dé ìta, kí àwọn tó jókòó máa gbọ́ "àbọ̀ la wí" látẹ̀yìn fèrèsé.